Ẹnu Ọ̀nà Mẹ́rin, Àgádágodo Méjì: Àkọsílẹ̀ Ìfilọ̀ Ààbò Iná ní Ṣọ́ọ̀ṣì Kan ní Iléṣà

Ṣọ́ọ̀ṣì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí wà ní Iléṣà, kò jìnnà sí Òkèṣà. Ilé àtijọ́ ni: ògiri rẹ̀ nípọn, páànù ni òrùlé, àjà rẹ̀ sì jẹ́ pákó tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà lé ọ̀dà. Lọ́jọ́ Ìsinmi lásán, bí igba ènìyàn ó lé díẹ̀ ló ń jókòó níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìkórè, tàbí lópin ọ̀sẹ̀ Ìwúdé Ìjẹ̀ṣà tí àwọn ọmọ ìlú bá ti Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun dé, wọ́n máa ń tó 400. Iye yẹn la ó máa lò nínú ìṣirò, nítorí ọjọ́ tí àlejò bá pọ̀ gan-an ni ìfilọ̀ yìí wà fún. Ọmọ ìjọ mọ ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Àlejò ò mọ̀ ju ibi tó gbà wọlé lọ, ibẹ̀ náà ló sì máa sá gbà jáde.

Ilé náà ní ẹnu ọ̀nà mẹ́rin. Èyí tó tóbi jù wà níwájú, ilẹ̀kùn onípele méjì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1.8. Méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan sí apá títì, èkejì sí apá kànga, sẹ̀ǹtímítà 90 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹrin wà nínú fẹ́sìrì, lẹ́yìn àwọn akọrin, kò ju sẹ̀ǹtímítà 75 lọ. Ẹni tó bá kà wọ́n lórí ìwé á ní ilé yìí ti pé. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ilẹ̀kùn tó wà lára ògiri, ọ̀tọ̀ ni ilẹ̀kùn tó ṣeé gbà jáde.

Ìfilọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ kò ju gbólóhùn méjì lọ: “Ẹ̀yin ará, bí iná bá ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà tó bá sún mọ́ yín.” Akọ̀wé ìjọ ló ń kà á, ó sì máa ń wà láàrin ìkéde ìgbéyàwó àti orúkọ àwọn tí kò tíì san owó ìkórè. Ibi tí wọ́n fi sí yẹn nìkan ti tó láti pa á. Ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, àsìkò ìfilọ̀ ni wọ́n ń yẹ fóònù wò, tí ìyá ń tún gèlè dì, tí bàbá ń wá owó ọrẹ nínú àpò agbádá. Àmọ́ ká tilẹ̀ ní gbogbo etí ṣí sílẹ̀, kí ni ẹni tó wà lórí àga kẹwàá máa fi gbólóhùn yẹn ṣe? Kò sọ iye ẹnu ọ̀nà, kò sọ ibi tí wọ́n wà, kò sì sọ bí èèyàn ṣe máa mọ̀ pé àkókò ti tó láti dìde.

Kí wọ́n tó tún un kọ, ìgbìmọ̀ ilé rìn yí ilé náà ká ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìkórè, nígbà tí gbogbo ètò ti tò. Ìrìn yìí ló tú àṣírí. Ilẹ̀kùn apá kànga ní àgádágodo lára látìta, nítorí olè kan ti gba ibẹ̀ wọlé rí. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbá ilé, ẹni náà sì ti lọ wọ aṣọ ẹgbẹ́. Ilẹ̀kùn apá títì ò ní àgádágodo lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ wà níta rẹ̀ gan-an, kò tó mítà kan sí ẹnu ọ̀nà, wáyà rẹ̀ sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Jálá bẹntiróòlù méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú òòrùn ọyẹ́. Bí iná bá sọ níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà yẹn ni yóò kọ́kọ́ di iná. Kó tiẹ̀ má jó, èéfín rẹ̀ ń wọlé bá àwọn tó jókòó lápá ibẹ̀, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn sì wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀. Ní ẹnu ọ̀nà ńlá, wọ́n ti to àga rọ́bà sí ọ̀nà àárín fún àwọn tó pẹ́ dé, ọ̀nà tó yẹ kí ènìyàn méjì gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wá di ti ẹnìkan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Bí èrò bá ń rìn dáadáa tí ẹnikẹ́ni ò ṣubú, ilẹ̀kùn mítà 1.8 máa ń gba nǹkan bí ènìyàn 2 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti sẹ̀ǹtímítà 90 ń gba bí ènìyàn 3 ní ìṣẹ́jú àáyá 4. Ti fẹ́sìrì ń gba bí ẹnìkan ní ìṣẹ́jú àáyá 2. Bí 400 yẹn bá pín ara wọn dáadáa, ká ní 220 gba iwájú, 80 gba ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, akọrin 20 sì gba fẹ́sìrì, gbogbo wọn á ti bọ́ síta ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 110, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò bá ṣeé gbà, 380 ló máa já lu ẹnu ọ̀nà ńlá, ìyẹn ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, láìtíì ka àga rọ́bà tó dí àárín. Lábẹ́ àjà pákó tó ti mu ọ̀dà, ìṣẹ́jú kan àfikún yẹn pọ̀ gan-an. Òkè ni èéfín ń kọ́kọ́ kún, lẹ́yìn náà ló ń sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀gangan ojú àti imú.

Ohun kan tún wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: inú ni wọ́n ń ṣí sí. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú kò léwu fún ènìyàn mẹ́wàá. Nígbà tí ọgọ́rin bá tì í léraléra, ẹni tó wà níwájú ò ní àyè láti fà á. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì La Compañía ní Santiago, olú-ìlú Chile, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1863, iná tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ ran aṣọ ọ̀ṣọ́, ó gun àjà lọ. Ó lé ní 2,000 ènìyàn tó kú, wọ́n dì mọ́ ara wọn lẹ́nu àwọn ilẹ̀kùn tí kò ṣí mọ́. Ní Iléṣà, káfíńtà ni wọ́n pè. Ó tú ìdè ilẹ̀kùn méjèèjì, ó yí wọn padà kí wọ́n lè máa ṣí síta. Títí iṣẹ́ náà fi parí, wọ́n fi ìkọ́ so wọ́n mọ́ ògiri ní ṣíṣí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin.

Ọ̀rọ̀ àgádágodo le díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí olè ṣì wà nílùú, kò sì sẹ́ni tó máa gbà kí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wà láìtì láti Ajé dé Àbámẹ́ta. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ há ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àgádágodo tó wà níta ni ẹni tó wà nínú fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣí? Àbá yẹn kú lójú ẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n wá gbà rọrùn: kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ni ọ́ṣà máa mú wá fún akọ̀wé kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, àgádágodo fúnra rẹ̀ ni. Kí wọ́n tó ka ìfilọ̀, àgádágodo méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì fẹ́sìrì, ní ṣíṣí. Ẹni tó bá ní “mo ti ṣí i” lè ti gbàgbé. Àgádágodo tó wà lórí tábìlì ò lè wà lára ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọ́n tó jókòó ti ọ̀rọ̀ inú ìfilọ̀. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ọ̀tún àti òsì. Ẹni tó ń kà á kọjú sí ìjọ, ọ̀tún tirẹ̀ ni òsì tiwọn. Bó bá na ọwọ́ ọ̀tún tó sì ní “apá ọ̀tún yín,” ìdajì ìjọ á wo ọwọ́, ìdajì á gbọ́ ọ̀rọ̀. Nítorí náà wọ́n yọ ọ̀tún àti òsì kúrò pátápátá, wọ́n lo “apá títì” àti “apá kànga.” Àlejò lè máà mọ kànga, àmọ́ ọ́ṣà tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn náà á gbé ọwọ́ sókè nígbà tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, á sì gbé e sókè títí wọ́n á fi kúrò lórí rẹ̀.

Ìṣòro kejì jẹ́ ti èdè wa, ìwé ààbò tí òyìnbó kọ ò lè rántí rẹ̀: ọ̀rọ̀ náà “iná.” Iná tó ń jó ni iná, iná mànàmáná náà ni iná. Bí ẹnìkan bá pariwo “Iná o!” láti ẹ̀yìn, àwọn ọmọdé lè pàtẹ́wọ́ pé wọ́n ti mú iná dé. Bí akọ̀wé bá sì sọ lórí máìkì pé “ìṣòro iná díẹ̀ wà,” gbogbo ìjọ á jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á máa retí kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Torí náà, gbólóhùn tí wọ́n yàn fún ọjọ́ náà kò ní “iná” nínú rárá. Ó kàn ní: “Ẹ dìde. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà yín jáde.” Gbólóhùn yìí kan náà ni ìfilọ̀ ń kọ́ wọn, kí ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n ti gbọ́ rí nígbà tó bá dé.

Ta ni yóò sọ ọ́? Àwọn kan ní ọ́ṣà, àwọn kan ní akọ̀wé. Èrò tiwa ni pé ẹni tó bá wà níbi máìkì ni, alùfáà sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ìjọ tí alùfáà ṣì dúró lórí àga ìwàásù ò ní dìde, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ àdúrà lórí ìjókòó. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1977, nígbà tí ilé ìgbafẹ́ Beverly Hills Supper Club ní Kentucky, ní Amẹ́ríkà, ń jó, Walter Bailey, ọmọ ọdún 18 tó ń kó abọ́ níbẹ̀, ló gun orí ìtàgé láàrin eré. Ó gba máìkì, ó tọ́ka sí àwọn ẹnu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n jáde. Àwọn kan rò pé ara eré ni. Ènìyàn 165 ló kú lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló jáde torí ohùn rẹ̀. Ẹ wo nǹkan tó ṣe: ó dá eré dúró, ó sì fi ibi hàn wọ́n. Ẹni tó sọ pé “ẹ má bẹ̀rù” kò tíì ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Máìkì náà ní àléébù. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó wà nídìí ṣéńjì-ófà fẹ́ ṣe tó bá rí èéfín ni pé kó pa iná mànàmáná gbogbo ilé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá pa á kí alùfáà tó sọ̀rọ̀, máìkì ti kú, bó bá sì jẹ́ ìsìn àìsùn, òkùnkùn ti ṣú. Wọ́n fi mẹ́gáfóònù oníbátìrì kan sí abẹ́ àga ìwàásù, tọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Agogo ọwọ́ tí wọ́n fi ń pe ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ló di àmì kejì: bí wọ́n bá lù ú láìdúró, ó ti di ìjáde. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń yẹ bátìrì wò. Mẹ́gáfóònù tí bátìrì rẹ̀ ti jẹrà sínú sàn díẹ̀ ju igi lọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nípa àwọn ọmọ, ìfilọ̀ tí kò bá dárúkọ wọn á dá ìjà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Inú gbọ̀ngàn kékeré lẹ́yìn fẹ́sìrì ni ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi wà. Bí ìyá ò bá mọ̀ pé wọ́n ti kó ọmọ òun jáde, kò ní bá èrò lọ síta. Yóò dojú kọ èrò, yóò máa lọ sẹ́yìn, kò sì sí ọ́ṣà tó lè dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ibi kan pàtó tí ìyá àti ọmọ á ti pàdé.

Bí wọ́n ṣe ń kà á báyìí nìyí, kí orin ìwọlé tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti dákẹ́:

“Ẹ̀yin ará, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú kan. Ilé yìí ní ẹnu ọ̀nà mẹ́rin. Èyí tó tóbi wà lẹ́yìn yín. Ọ̀kan nìyẹn ní apá títì, ẹ wo ọ́ṣà tó na ọwọ́ sókè. Ọ̀kan nìyẹn ní apá kànga, ẹ wo ọ́ṣà ibẹ̀ náà. Ti inú fẹ́sìrì, àwọn akọrin ló ni ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo èyí tó sún mọ́ yín jù.”

Níbí, ẹni tó ń kà á máa dákẹ́, á ka ení títí dé márùn-ún nínú ọkàn rẹ̀. Ìdákẹ́ yẹn ṣe pàtàkì ju gbólóhùn kankan nínú ìfilọ̀ lọ, nítorí ìgbà yẹn ni orí ń yí. Lẹ́yìn náà:

“Bí ẹ bá gbọ́ ‘Ẹ dìde, ẹ gba ẹnu ọ̀nà yín jáde,’ tàbí tí agogo yìí bá ń lù láìdúró, ẹ dìde lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi báàgì àti bàtà sílẹ̀. Ẹ má sáré, ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ àwọn ọmọ á kó wọn lọ sábẹ́ igi máńgòrò lápá kànga, ibẹ̀ ni kí ẹ ti lọ bá wọn, ẹ má padà wọlé. Ẹ̀yin tó jókòó ti bàbá tàbí ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú wọn dání. Ẹni tó bá rí èéfín tàbí tó gbóòórùn wáyà tó ń jó, kó sọ fún ọ́ṣà kíákíá, kó má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká dìde fún orin ìwọlé.”

Bí wọ́n bá fara balẹ̀ kà á, kò pọ̀ ju ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ. Ẹ ó rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìpaná níbẹ̀. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ kí wọ́n kọ́ gbogbo ìjọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, wọ́n sì kọ̀, ó tọ́ bí wọ́n ṣe kọ̀. Ẹ̀rọ onílẹ́búlẹ́bú kílò 6 kì í tú ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20 lọ kó tó tán, eruku rẹ̀ a sì bo ojú nínú ilé. Ó wúlò fún iná tí kò tíì ju ti inú agbọ̀n ìdọ̀tí lọ, lọ́wọ́ ọ́ṣà tó mọ̀ pé ìdí iná là ń fín, kì í ṣe ọwọ́ iná, tí ilẹ̀kùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ́ṣà mẹ́fà ni wọ́n kọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pe 112, nítorí bí gbogbo ènìyàn bá rò pé ẹnìkan ti pè, kò sẹ́ni tó máa pè.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí kò sí ayẹyẹ, wọ́n dán an wò lẹ́yìn ìbùkún, wọ́n sì ti sọ fún ìjọ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó wà lápá títì àti apá kànga gba ẹ̀gbẹ́, bí wọ́n ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ìta, wọ́n dúró lórí àtẹ̀gùn láti kí ara wọn, bí a ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn ìsìn, àwọn tó wà lẹ́yìn sì há sínú. Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ́ṣà ilẹ̀kùn kì í dúró sínú mọ́ bí wọ́n bá ti sọ pé ẹ jáde. Yóò kọ́kọ́ bọ́ síta, yóò rìn tó ogún ìṣísẹ̀, yóò sì máa pè wọ́n: “Ẹ máa bọ̀ níbí, ẹ̀yin àgbà, ẹ máa bọ̀.” Ojú ń tẹ̀lé ẹni tó ń pè ju ẹni tó ń tì lọ. Jẹnẹrétọ̀ náà ti kúrò níbẹ̀. Ó wà lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ báyìí, wáyà rẹ̀ gba òkè ògiri wọlé, wọ́n sì ń bu epo kún un kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì tutù.

Fún ìsìn orin Kérésìmesì nìkan ni wọ́n fi gbólóhùn kan kún un, nítorí ọjọ́ náà ni gbogbo ìjọ ń di àbẹ́là mú láàrin léèsì, ọ̀já gèlè àti irun àtọwọ́dá: “Àbẹ́là tó ti ń jó, ẹ jẹ́ kó dúró ṣánṣán, èyí tí kò tíì jó ni kí ẹ tẹ̀ síbi iná.” Bí ẹni tó ní iná bá tẹ tirẹ̀, ìda gbígbóná á dà sílẹ̀, ẹ̀là iná á sì súnmọ́ apá aṣọ ẹnìkejì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá kì í gba àbẹ́là, tọ́ọ̀ṣì kékeré ni wọ́n ń fún un. Garawa omi kan wà lórí àga tó kẹ́yìn ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní òwúrọ̀ ìkórè, àgádágodo kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì nígbà tí àwọn akọrin ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀wé kò ka ìfilọ̀ náà. Ó ní kí àwọn akọrin dúró, ó rán ọ́ṣà kan lọ sí apá kànga. Orin ìwọlé pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́rin.